Dà Kápò àti Rùbátò: Iṣẹ́ tí Ìwé Orin Ń Rán Olórin

Nóòtì tó wà lórí ìwé orin ń sọ ohùn tí olórin yóò gbé jáde àti bí ohùn náà yóò ti pẹ́ tó. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí orin yóò ti yí padà, bí yóò ṣe máa rìn, ibi tí ohùn yóò ti rọlẹ̀ àti ibi tí olórin ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a kọ sókè tàbí sísàlẹ̀ nóòtì ló ń sọ wọ́n. Èdè Ítálì ni wọ́n sì fi ń kọ wọ́n láti nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn. Méjì nínú wọn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé: dà kápò àti rùbátò. Àṣẹ ni ti àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ akọrin bá ṣì í ṣe, gbogbo ẹgbẹ́ ló fọ́ká. Àyè ni èkejì, ẹni tí a fún ní àyè náà ni yóò sì pinnu bí òun yóò ṣe lò ó. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé nínú méjèèjì, ohun kan gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in kí ohun mìíràn tó lè yí. Olórin tí kò bá mọ èyí tó yẹ kó dúró kò lè mọ èyí tó yẹ kó yí.

Àwọn ará Ítálì ló ṣáájú nínú títẹ ìwé orin àti nínú kíkọ́ni ní orin káàkiri Yúróòpù nígbà náà, ìdí nìyẹn tí èdè wọn fi di èdè iṣẹ́ orin. Ní 1597 ni Gàbùríẹ́lì, atẹdùùrù ìlú Fẹ́nísì, tẹ orin kan jáde tó ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ibí ni kí fèrè rọlẹ̀, ibí ni kó le. Háńdẹ̀lì tó kọ Mèsáyà ní 1741 kì í ṣe ọmọ Ítálì. Jámánì ni wọ́n bí i sí, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀rọ̀ orin náà. Síbẹ̀ èdè Ítálì ló fi bá àwọn olórin rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìwé.

Ọwọ́ ìjọ ni irú ìwé orin bẹ́ẹ̀ gbà dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìwó, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti di ọgbà Yunifásítì Bowen lónìí. Láyé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yẹn, olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ náà ló sábà ń jẹ́ ọ̀gá akọrin, sólfà ló sì fi ń kọ́ àwọn èèyàn lórin, nítorí kò sí owó tí wọn yóò fi ra ìwé onílà márùn-ún fún gbogbo ẹgbẹ́. Sólfà mú ìlà márààrún kúrò, ó fi dò, rè, mì rọ́pò nóòtì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Ítálì. Akọrin tí kò lè ka nóòtì kan ṣoṣo lórí ìlà mọ D.C. bó bá rí i ní ìparí ìwé. Bóyá ó mọ gbogbo ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ òun ni ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́tà méjì náà dúró fún dà kápò: kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dá wà. Ọ̀rọ̀ kejì máa ń wà láàárín orin, ìyẹn fínè, tó ń fi ibi tí orin parí sí hàn. Nígbà tí akọrin kọ́kọ́ kọjá níbi fínè, kò sí ohun tí fínè ń sọ fún un; ó kọjá lọ bí ẹni tí kò rí i. Ìgbà tó bá padà wá nìkan ni fínè tó dá a dúró. Orin tó ní báà 32 yóò ṣàlàyé rẹ̀. Apá kìíní jẹ́ báà 20, fínè sì wà ní ìparí báà ogún yẹn. Apá kejì jẹ́ báà 12, D.C. sì wà ní ìparí rẹ̀. Akọrin yóò kọ 20, yóò kọ 12, yóò padà kọ 20, yóò sì dúró. Báà 32 ló wà lórí ìwé, 52 ló jáde lẹ́nu.

Bí báà mẹ́rin àkọ́kọ́ bá jẹ́ ti dùùrù nìkan, ẹni tó kọ orin náà lè má fẹ́ kí wọ́n tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Yóò fi àmì kan sí orí báà karùn-ún, àmì tó rí bí S tí a fi ìlà dábùú pẹ̀lú ẹ̀kán méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì kọ D.S. sí ìparí dípò D.C. Èyí ni dàl sẹ́nyò: kí a padà síbi àmì. Orin kan náà wá di 20, 12 àti 16, àpapọ̀ rẹ̀ 48. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí ìparí yàtọ̀. Ìgbà náà ni a ó rí kódà, ìyẹn ìrù tí a so mọ́ orin lẹ́yìn. Bí àmì tó ń darí lọ síbi kódà bá wà ní ìparí báà kẹrìnlá, tí kódà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ báà mẹ́rin, ẹni tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ yóò kọ 14, yóò fo gbogbo ìyókù, yóò sì bọ́ sínú mẹ́rin yẹn. Gbogbo rẹ̀ di 50. Fífò yìí ló ń ba ẹgbẹ́ akọrin jẹ́ jù, torí ojú gbọ́dọ̀ ti wà níbi kódà kí ohùn tó dé báà kẹrìnlá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá akọrin máa ń ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù aláwọ̀ pupa kun ibi mẹ́ta yìí kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀: ibi tí a ti ń fò, ibi tí a ń fò lọ, ibi tí a ó ti dúró. Kò sí ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣìṣe méjì ló sábà ń fara hàn. Èkíní ni ti ẹni tó padà, tó kọ apá kìíní tán, tó sì tún wọ apá kejì lọ. Fínè ni kò rí, tàbí kò sí fínè lórí ìwé rárá. Nínú ìwé orin àtijọ́, wọn kì í kọ fínè. Àmì fẹmátà, ìlàjì òbìrí tó ní ẹ̀kán nínú, ni wọ́n máa ń fi sórí ìlà ìparí apá kìíní. Láti ibẹ̀ ni àṣìṣe kejì ti ń wá. Akọrin tó mọ̀ pé fẹmátà túmọ̀ sí pé kí a fa ohùn gùn rí i nígbà àkọ́kọ́, ó sì na ohùn rẹ̀ títí, àwọn yòókù ti wọ apá kejì. Fẹmátà yẹn kò ní iṣẹ́ kankan títí dìgbà tí a bá padà dé. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ni kí a wò bóyá ó wà lórí ìlà méjì tó dábùú báà, kì í ṣe lórí nóòtì tó wà láàárín orin, kí a sì wò bóyá D.C. wà níwájú.

Ọ̀rọ̀ àtúnkọ tún wà. Bí apá kìíní bá ní àmì ìtúnkọ ti ara rẹ̀, tí a sì ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà àkọ́kọ́, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó tún kọ ọ́ lẹ́yìn dà kápò? Àṣà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn olórin ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Kò sí òfin kankan tó fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀ pátápátá, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé Mósáàtì. Ọ̀gá akọrin ni kó sọ èyí tí wọn yóò ṣe kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé ọjọ́ àjọ̀dún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ojú ara wọn.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ọ̀nà. Ìbéèrè tó le jù ni pé kí ni olórin yóò ṣe nígbà tó bá padà dé ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Pieri Fùràǹṣẹ́sìkò Tósì, akọrin ará Ítálì, tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Bòlónyà ní 1723 tó fi kọ́ àwọn akọrin ní iṣẹ́ wọn. Ó sọ ọ́ kedere níbẹ̀ pé apá kìíní orin ni kí a kọ ní ìrọ̀rùn, kí a fi ẹwà díẹ̀ kún apá kejì, kí a sì yí apá kìíní padà sí èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí a bá tún un kọ. Lójú tirẹ̀, akọrin tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní kò tíì mọṣẹ́. Ìwé orin kò sì kọ ìyípadà náà sílẹ̀. Lẹ́tà méjì péré ló wà níbẹ̀. Ìyókù di ọwọ́ akọrin.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún olórin Yorùbá. Nínú lílé àti ègbè, àwọn elégbè kì í yí ohun tí wọ́n ń dáhùn; adálé ló ń padà wá síbi kan náà nígbàkigbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun àti ìlà ohùn tó yí díẹ̀. Bí adálé bá sọ ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, àwọn èèyàn á ti yọ ara wọn kúrò lójú agbo. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú dà kápò, akọrin kò lè yí ọ̀rọ̀ padà, kò sì lè yí ohùn ìsàlẹ̀ tí dùùrù ń tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ padà. Ohun tó lè ṣe kò pọ̀: ó lè fi nóòtì díẹ̀ kún àárín ohùn méjì tó jìnnà síra, ó lè fi ohùn òkè tó fara kan nóòtì ṣáájú kó tó bọ́ sórí rẹ̀, ó lè gbọn ohùn níbi tí gbólóhùn ti ń parí. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Kí atẹdùùrù tẹ ohùn báàsì nìkan, kí akọrin kọ ẹwà tó fi kún un lé e lórí. Bí ó bá dùn lórí báàsì nìkan, ó dára. Bí ó bá forí gbárí pẹ̀lú rẹ̀, kó yọ ọ́ kúrò. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè ṣe irú nǹkan yìí. Sòpránò ogún tí oníkálukú ń fi ẹwà tirẹ̀ kún un yóò dà bí ọjà ọdún.

Orin méjì nínú Mèsáyà fi iṣẹ́ yìí hàn dáadáa. Èkíní ni orin áltò nípa ẹni tí àwọn ènìyàn kẹ́gàn tí wọ́n sì kọ̀ sílẹ̀. Lágò ni Háńdẹ̀lì kọ sí i lórí, ìyẹn ìrìn tó lọ́ra. Apá kìíní rọra ń lọ, ìsinmi wà láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há lọ́fun. Apá kejì yí bìrí: dùùrù àti gòjé ń jan nóòtì kéékèèké láìsinmi, nítorí ọ̀rọ̀ ti dórí ẹ̀yìn tí a fi fún àwọn aluni. Dà kápò wá dá olùgbọ́ padà sínú ìparọ́rọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ ìró pàṣán kò lè gbọ́ ọ bó ṣe gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí dà kápò ń béèrè lọ́wọ́ áltò níhìn-ín kì í ṣe ẹwà rẹpẹtẹ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin máa ń gé apá kejì àti àtúnkọ kúrò nítorí àkókò. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orin tó kù lẹ́yìn náà kì í ṣe orin tí Háńdẹ̀lì kọ. Ìdajì ìtàn ló ṣẹ́ kù.

Orin kejì ni ti báàsì nípa ipè tí yóò dún. Ohun tí Háńdẹ̀lì kọ sí i lórí ni pọ̀mpósò mà nọ̀n álẹ́gírò: kó ní ọlá, ṣùgbọ́n kó má sáré. Ìkìlọ̀ ni gbólóhùn yẹn, torí ó ti mọ̀ pé gbàrà tí olórin bá rí ipè, yóò fẹ́ sáré. Dàl sẹ́nyò ló wà ní ìparí rẹ̀, kì í ṣe dà kápò, nítorí orin ìṣáájú ipè gùn, kò sì sí ìdí láti tún gbogbo rẹ̀ gbọ́. Nínú apá kejì, ipè kò ní iṣẹ́ kankan. Báàsì àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń lọ. Afunpè wá jókòó, ó ń ka báà. Ní àsìkò Kérésìmesì tí ọyẹ́ ń fẹ́ nírọ̀lẹ́, fèrè onídẹ tí a kò fẹ́ sí máa ń tutù, ohùn rẹ̀ á sì rọlẹ̀ ju ti dùùrù lọ nígbà tí a bá padà síbi àmì. Afunpè tó mọṣẹ́ yóò máa mí èémí gbígbóná sínú fèrè rẹ̀ láìdún, báà mélòó kan kó tó tó àkókò. Kò sí èyí nínú ìwé, ṣùgbọ́n ara ohun tí D.S. ń béèrè ni.

Rùbátò kò ní ọ̀nà kankan láti fi hàn. Àkókò ló ń sọ̀rọ̀ lé: kí olórin jí àkókò lára nóòtì kan fún òmíràn. Ìwé Tósì kan náà, tó sọ bí a ó ṣe yí dà kápò padà, ló tún wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí. Ohun tó sọ ni pé kí ohùn báàsì máa lọ ní ìrìn rẹ̀ láìyẹsẹ̀, kí akọrin máa fà sẹ́yìn tàbí kí ó sáré díẹ̀ lórí rẹ̀, kí ó sì dá ohun tó jí padà kí gbólóhùn tó parí. Mósáàtì kọ ìwé sí bàbá rẹ̀ láti ìlú Ọ́gúsíbọ̀ọ̀gù ní oṣù Kẹwàá 1777, ó ń fi yangàn pé ẹnu ń ya àwọn èèyàn pé òun ń tẹ dùùrù ní rùbátò tí ọwọ́ òsì òun kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn yòókù, ọwọ́ òsì wọn a máa tẹ̀ lé ọ̀tún. Nígbà tó di ayé Ṣópáànù, ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ròyìn pé ó ń kọ́ wọn: ọwọ́ òsì ni adarí, kò gbọ́dọ̀ mì.

Ẹni tó ti dúró nídìí ìlù dùndún ti gbọ́ nǹkan tó sún mọ́ èyí láìsí ìwé. Gúdúgúdú kì í yẹ̀. Àwọn omele ń dáhùn níbi tó yẹ kí wọ́n ti dáhùn. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ lórí wọn, ó ń fa ọ̀rọ̀ kan gùn, ó ń sáré sọ òmíràn, ó sì lè dákẹ́ títí tí ẹni tí kò mọ ìlù á rò pé ó ti ṣìnà, kó tó wá balẹ̀ síbi tí gúdúgúdú ti ń dúró dè é. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fo. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń darí ìyáàlù. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá ló ń sọ ibi tí yóò ti pẹ́. Atẹdùùrù tó ń tẹ orin Ṣópáànù kò ní ọ̀rọ̀ kankan, nóòtì tí a ti wọn gígùn rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, àfi kó wá ìdí tí yóò fi fa ọ̀kan gùn. Ìdí náà sábà máa ń wà nínú orin: nóòtì tó ga jù nínú gbólóhùn, ohùn tó takú sí báàsì kó tó rọ̀ sórí rẹ̀, tàbí ibi tí orin ti yà sí ọ̀nà tí ẹnì kan kò retí. Bí ìdí kò bá sí, kó má jí nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ kékeré kan fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Gbólóhùn kan ní báà mẹ́rin, bíìtì mẹ́rin nínú báà kọ̀ọ̀kan, ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ 60 bíìtì ní ìṣẹ́jú kan. Bíìtì 16 ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 16 sì ni yóò gbà. Nóòtì tó ga jù wà ní ìbẹ̀rẹ̀ báà kejì, bíìtì méjì sì ni gígùn rẹ̀ lórí ìwé. Atẹdùùrù fi ìdajì bíìtì kún un, nítorí náà nóòtì tó tẹ̀ lé e pẹ́ kó tó dé. Ìdajì bíìtì yẹn ti di gbèsè. Ó wá kó àwọn nóòtì kéékèèké tó kù nínú báà náà súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí báà kẹta bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì tún balẹ̀ papọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 16 kò yẹ̀. Bí ó bá kó gbogbo gbèsè náà lé nóòtì kan ṣoṣo lórí, etí yóò gbọ́ ọ bí ẹni tó kọsẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi lè mọ ẹni tó ń ṣe é dáadáa kò ṣòro. Kí ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, kó wá máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé ọwọ́ òsì nìkan bó ti ń gbọ́ ọ. Bí àtẹ́wọ́ bá ń lọ geerege, rùbátò Tósì àti Mósáàtì ló ṣe. Bí àtẹ́wọ́ bá ní láti dúró kó sì tún sáré, nǹkan mìíràn ló ṣe. Nǹkan mìíràn náà kì í ṣe àṣìṣe lójú gbogbo èèyàn. Bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ń parí lọ, ọ̀pọ̀ atẹdùùrù ti ń mú ọwọ́ méjèèjì lọ́ra papọ̀ kí wọ́n sì yára papọ̀, ìyẹn náà ni wọ́n sì ń pè ní rùbátò. Padarẹ́fúsíkì, atẹdùùrù tó di olórí ìjọba Pólàǹdì ní 1919, tilẹ̀ jiyàn pé kò pọn dandan kí a san ohun tí a jí padà. Ohun tó lọ ti lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá orin ìgbà tirẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ti Padarẹ́fúsíkì bẹ̀rẹ̀ kì í sábà mọ ti Mósáàtì mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá kọ́ ti Mósáàtì lè ṣe èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì.

Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lórí píánò, ẹni tó tẹ kọ́kọ́rọ́ líle gbọ́ ohùn líle. Lórí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, bí a tilẹ̀ gbá kọ́kọ́rọ́ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yí. Àkókò nìkan ló kù fún atẹdùùrù láti fi tẹ nóòtì kan mọ́ olùgbọ́ létí: kó pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, tàbí kó dì í mú díẹ̀ sí i. Èyí pọ̀ ní ọwọ́ àwọn atẹdùùrù tó mọṣẹ́, ó sì kéré débi pé ìjọ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọ bá ń kọrin ìyìn, rùbátò kò ní àyè kankan. Ọgọ́rùn-ún èèyàn kò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn atẹdùùrù. Bí ó bá fa nóòtì kan gùn, àwọn tó wà níwájú yóò dúró dè é, àwọn ẹ̀yìn yóò ti kọjá, ẹsẹ̀ orin kejì yóò sì di ọ̀rọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ parí. Bákan náà ni orin ijó: bí ẹsẹ̀ bá ti ń jó, bíìtì kì í ṣe ti olórin nìkan mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń tẹ dùùrù fún adákọrin ní láti mọ̀, ìyẹn kólà pátè. Ó ń sọ fún atẹdùùrù pé kó fi ìrìn tirẹ̀ sílẹ̀ kó tẹ̀ lé akọrin. Níhìn-ín, ohun tó yẹ kó dúró àti ohun tó yẹ kó yí ti yí ipò padà. Èémí akọrin ni kí atẹdùùrù máa wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, torí ẹnu ti pẹ́ jù; ẹni tó rí i tí èjìká akọrin gbé sókè ti mọ̀ pé gbólóhùn tuntun ń bọ̀. Gbàrà tó bá rí à témpò, àyè yẹn ti tán, òun ni yóò gba ìrìn orin padà ní bíìtì àkọ́kọ́ yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n mọ ìgbà tí orin ń lọ́ra, wọn kò mọ ìgbà tó yẹ kó padà sí ìrìn rẹ̀, orin tó bẹ̀rẹ̀ ní 80 bíìtì sì parí ní 60.

Ó kù kí olórin béèrè ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé. Ṣópáànù kọ rùbátò sínú orin rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Nọ́kítọ́ọ̀nù kan tó tẹ̀ jáde ní 1833 tilẹ̀ ní in lórí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 1836, ó dáwọ́ rẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ náà kò sì hàn mọ́ nínú àwọn orin tó kọ lẹ́yìn ìgbà náà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ ẹ mọ́. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá mọ orin òun ni yóò mọ ibi tó wà. Ti Mèsáyà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn akọrin wa wá láti inú àtẹ̀jáde tí Ẹ̀bẹ́nísà Púráùtù tún ṣe ní 1902, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un nípa ìrìn orin àti líle ohùn. Akọrin tó bá rí ràlẹ̀ntándò ní ìparí gbólóhùn kan níbẹ̀ lè máa ṣègbọràn sí Púráùtù láìmọ̀ pé Háńdẹ̀lì kò sọ bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀jáde tí Wátíkìǹsì Ṣọ́ọ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀ sún mọ́ ìwé ọwọ́ Háńdẹ̀lì jù, nítorí náà kí ọ̀gá akọrin tó ní méjèèjì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Yóò rí i pé Háńdẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló kọ ádájìò sí báà mélòó kan tó parí Halelúyà, àti pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan láti ọwọ́ rẹ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ra kí ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú báà wọ̀nyẹn tó dé.